Ká ra ọ̀nà, tàbí ká ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀?

Bí o bá sanwó fún olùpèsè ńlá, BGP rẹ̀, ìyẹn ètò tí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń sọ ọ̀nà fún ara wọn, á kó ọ̀nà gbogbo ayélujára fún ọ, á sì kéde àdírẹ́sì rẹ fún gbogbo ayé. Pàṣípààrọ̀, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní IXPN, ibi tí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń so pọ̀ l'Ékòó, yàtọ̀: kálukú ń kéde kìkì àdírẹ́sì tirẹ̀ àti ti àwọn oníbàárà rẹ̀. Owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kò lè gbé ọ dé ibi gbogbo, nítorí náà ọ̀pọ̀ ń ṣe méjèèjì.

Bí ọ̀nà kan náà bá ti ọ̀dọ̀ méjèèjì wọlé, ti pàṣípààrọ̀ la fẹ́:

```
set local-preference 200
```

Tí ti olùpèsè bá wà ní 100, 200 ló máa borí, kódà bí AS-path rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ọ̀nà náà gbà kọjá, gùn jù.

Ìkéde síta ló ń kó báni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, MainOne, ilé-iṣẹ́ ayélujára kan ní Nàìjíríà, ṣèèṣì fi àwọn ọ̀nà Google tó gbà nínú pàṣípààrọ̀ han China Telecom, ìyẹn náà sì tún un kéde. Ó lé ní wákàtí kan kó tó dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá wo AS-path nígbà náà á rí i kedere:

```
4809 37282 15169
```

Google ni 15169, MainOne ni 37282, China Telecom ni 4809. Kí ni Ṣáínà ń wá níwájú wọn?