Ẹ̀rọ géèmù mi kú nígbà tí wárántì ṣì wà lórí rẹ̀: lẹ́tà tí mo kọ sí ilé ìtajà

Oṣù 7 lẹ́yìn tí mo rà á ni ẹ̀rọ géèmù mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú mọ́ mi lọ́wọ́. Èmi àti àbúrò mi á jókòó, a ó gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀, kò ní pẹ́ tí ìkìlọ̀ á fi yọ sójú tẹlifíṣọ̀n pé ẹ̀rọ ti gbóná jù, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á ṣú. Bí a bá tún un tàn lójú ẹsẹ̀, kì í lo ìṣẹ́jú 5 kó tó tún kú. Wárántì ọdún 1 ló wà lórí rẹ̀, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mo gbé e lọ sí ilé ìtajà tí mo ti rà á, tèmi ti rìsíìtì.

Ọmọkùnrin tó wà ní kọ́ńtà kò tiẹ̀ tan ẹ̀rọ náà wò. Ó gbé e sókè, ó yọjú wo àwọn ihò ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, eruku ló wọ inú ẹ̀ o. Wárántì kì í bo eruku." Mo ní kó bá mi pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá jáde, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ sì yàtọ̀: ó ní kí n lọ bá àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà, pé àwọn kàn ń tà á ni. Èsì 2 láàárín ìṣẹ́jú 10, ọ̀kan kò sì bá èkejì mu. Inú bí mi gan-an. Mo gbé ẹ̀rọ mi, mo lọ sílé, n kò sì gba ìwé kankan tó fi hàn pé mo wá síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àṣìṣe ńlá nìyẹn, nítorí gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún mi lẹ́nu, kò sí ẹ̀rí rẹ̀ níbì kankan.

Nílé ni mo wá jókòó ka káàdì wárántì láti òkè dé ilẹ̀, ohun tí ó yẹ kí n ti ṣe kí n tó jáde rárá. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ibi tí a ti rà á ni kí a gbé e padà sí, pẹ̀lú rìsíìtì. Ó kọ ohun tí kò bò náà: ẹ̀rọ tó já bọ́, èyí tí omi wọ̀, èyí tí oníǹkan fúnra rẹ̀ tú, àti ìlòkulò. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ti wó lulẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ eruku ló kù, torí wọ́n lè fi í sí abẹ́ ìlòkulò, bí mo bá sì kọ lẹ́tà tí kò dáhùn rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n máa dì mú.

Ohun tí mo kíyè sí ni pé ẹ̀rọ náà dákẹ́ jù. Inú àwọn ẹ̀rọ géèmù ńlá òde òní ni fáànù wà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa fẹ́ ooru jáde láti ẹ̀yìn. Bí géèmù bá ṣe ń wúwo tó ni fáànù náà ń sáré tó. Bí eruku bá dí ọ̀nà atẹ́gùn, fáànù á túbọ̀ sáré, ariwo rẹ̀ á sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ó ń gbìyànjú láti fẹ́ ooru tí kò rọ́nà jáde. Tèmi gbóná débi pé mi ò lè gbọ́wọ́ lé e pẹ́, síbẹ̀ kò dún. Mo gé bébà tínrín kan, èyí tí a fi ń nu imú, mo gbé e sí ẹnu ihò tí ooru ń gbà jáde. Kò mì. Mo gbé e sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ irú kan náà, ó sì fẹ́ lẹ̀lẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan tí a bẹ̀rẹ̀ géèmù.

Lẹ́yìn náà ni mo fi aago ka bí ó ṣe ń pẹ́ tó, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré láàárín ọjọ́ 2, torí bí a bá jẹ́ kí ẹ̀rọ máa gbóná kú léraléra, ooru náà lè ba nǹkan mìíràn jẹ́ nínú rẹ̀. Mo fi fóònù ya fídíò gbogbo rẹ̀. Láàárín ọ̀kan sí èkejì, mo jẹ́ kí ó tutù fún wákàtí 2. Ẹ máa rí ohun tí mo rí nínú lẹ́tà náà. Ohun kan tí mo ṣọ́ra fún ni pé n kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé fáànù ti bàjẹ́. Bébà tí kò mì kò lè sọ fún mi bóyá fáànù fúnra rẹ̀ ló kú, tàbí iná ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ara bọ́ọ̀dù. Ká ní mo kọ "fáànù" tó sì wá jẹ́ bọ́ọ̀dù, wọ́n lè pààrọ̀ fáànù kí wọ́n ní àwọn ti ṣe ohun tí mo béèrè. Ohun tí mo fojú rí nìkan ni mo kọ.

Lẹ́tà náà nìyí, mo kàn yọ orúkọ àti nọ́ńbà kúrò:

"Sí Máníjà ilé ìtajà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ẹ̀rọ géèmù kan lọ́dọ̀ yín ní oṣù 7 sẹ́yìn. Ẹ̀dà rìsíìtì, ẹ̀dà káàdì wárántì, àti fọ́tò nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Nọ́ńbà náà bá ti ara páálí àti ti rìsíìtì mu.

Ẹ̀rọ náà ń gbóná jù, ó sì ń pa ara rẹ̀. Mo dán an wò báyìí. Níbi tí mo máa ń gbé e sí, ó lo ìṣẹ́jú 17 kó tó kú. Lórí tábìlì tí nǹkan kan kò sí nítòsí rẹ̀, ó lo ìṣẹ́jú 18. Ní yàrá mìíràn, pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n, wáyà iná àti géèmù mìíràn, ó lo ìṣẹ́jú 16. Nígbà tí mo tàn án lásán láìṣí géèmù kankan lórí rẹ̀, ìkìlọ̀ ooru yọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 50. Nínú gbogbo rẹ̀, atẹ́gùn kankan kò jáde ní ẹ̀yìn rẹ̀, n kò sì gbọ́ ìró fáànù. Fídíò rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín.

Òṣìṣẹ́ yín sọ fún mi pé eruku ni. Bí ó bá jẹ́ pé eruku ló dí i, ó yẹ kí ìró rẹ̀ pọ̀ sí i; bí ó bá sì jẹ́ pé ibi tí mo gbé e sí ló há, ó yẹ kí ó pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tí mo gbé e sí gbangba. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ nu àwọn ihò ìta rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò já bọ́ rí, omi kò kàn án, a kò sì tú u. Sítíkà tó wà lórí ìdè rẹ̀ ṣì wà bí ó ṣe wà lọ́jọ́ tí mo rà á, fọ́tò rẹ̀ nìyí pẹ̀lú.

Káàdì wárántì yín sọ pé ọ̀dọ̀ yín ni kí n gbé e wá. Nítorí náà, mo ń béèrè pé kí ẹ tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín ọjọ́ 14 tí ẹ bá gbà á. Bí kò bá ṣeé tún ṣe, tàbí bí àìsàn kan náà bá padà wá lẹ́yìn tí ẹ tún un ṣe, mo fẹ́ ẹ̀rọ mìíràn irú rẹ̀ gan-an. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ìwé tí yóò sọ ọjọ́ tí ẹ gbà á, ipò tó wà nígbà tí ẹ gbà á, àti ohun tí ẹ bá nínú rẹ̀. Bí ẹ bá kọ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ẹ sì tọ́ka sí gbólóhùn tó wà nínú wárántì tí ẹ gbé e lé."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni mo gbàgbọ́ pé ó ṣiṣẹ́ jù. Ó rọrùn láti dúró ní kọ́ńtà kí a ní "eruku ni." Kò rọrùn bẹ́ẹ̀ láti kọ ọ́ sórí bébà kí a sì buwọ́ lù ú nígbà tí kò sí nínú káàdì. Mo fi í ránṣẹ́ nípa ímeèlì, mo sì mú ẹ̀dà kan lọ síbẹ̀, mo ní kí wọ́n buwọ́ lu tèmi pé àwọn gbà á. Ní ọjọ́ kẹrin ni ọ̀gá náà pè mí, ó bẹ̀ mí, ó ní kí n gbé e wá.

Kí n tó gbé e lọ, mo kó gbogbo ibi tí a gbá géèmù dé sínú fúláàṣì. Èyí ṣe pàtàkì, torí wọ́n máa ń pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ́ níbi àtúnṣe, bí wọ́n bá sì pààrọ̀ rẹ̀, òfìfo ni tuntun náà máa dé. Mo yọ díìsìkì inú rẹ̀. Mo yọ orúkọ mi kúrò lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ tí àwọn géèmù tí mo rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì so mọ́. N kò fún wọn ní páàdì tàbí wáyà, wọn kò sì kọ èyíkéyìí nínú wọn sórí ìwé tí wọ́n fún mi.

Ọjọ́ 12 ni wọ́n fi ṣe é. Ìwé tó bá a wá sọ pé bọ́ọ̀dù kékeré tó ń gbé iná lọ fún fáànù ló bàjẹ́, wọ́n sì pààrọ̀ òun àti fáànù. Inú mi dùn pé n kò dárúkọ ohun tí n kò mọ̀ nínú lẹ́tà mi.

Bí ẹ bá bi mí, ẹ̀rọ náà dára, mo sì tún lè rà á. Ilé ìtajà náà ṣe iṣẹ́ dáadáa lẹ́yìn tí wọ́n gbà láti ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà lé mi padà lọ́jọ́ kìn-ín-ní kò tọ́ rárá, ó sì ń dùn mí nítorí àwọn tó máa gba "eruku ni" gbọ́, tí wọ́n á sì lọ fi owó ara wọn tún ẹ̀rọ tí wárántì bò ṣe. Bákan náà, wọn kò sọ iye ìgbà tí wárántì àtúnṣe náà fi wà. Èmi ni mo béèrè, wọ́n wá kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà pé oṣù 3 ni. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ̀rọ fún ẹ̀yin, ẹ ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà tuntun náà sórí rìsíìtì yín, torí nọ́ńbà àtijọ́ kò ní bá a mu mọ́.

Alẹ́ tí mo gbé e dé, mo tún gbé bébà tínrín yẹn sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì tẹ aago. Bébà náà fẹ́ lẹ̀lẹ̀ kí ìṣẹ́jú 3 tó pé. Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 40 la fi gbá bọ́ọ̀lù, kò kú.