FreeRTOS àbí lúùpù kan ṣoṣo: àgbéyẹ̀wò lẹ́yìn tí omi wọlé onílé

Agogo mọ́kànlá òru ni Màmá onílé pè mí. "Ẹ́ńjíníà, wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Omi ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá mi." Èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ tí ń tan pọ́ńpù wọn, tí ń pa á. Kí n tó dé ibẹ̀, pọ́ńpù ti pa ara rẹ̀, ó dákẹ́ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Màmá kò bá mi jà. Ó kàn na àkísà sí mi.

Inú lúùpù kan ni mo kó gbogbo iṣẹ́ sí, lórí ṣíìpù STM32F103 tó ń darí ẹ̀rọ náà:

```c
while (1) {
  readLevel();
  controlPump();
  sendSms();
}
```

Ọ̀kan kò lè bẹ̀rẹ̀ àyàfi tí èyí tó ṣáájú bá parí. Bí táńkì bá fẹ́ kún, ẹ̀rọ á fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa lóru ọjọ́ náà, `sendSms()` sì jókòó ti ìdáhùn `AT+CMGS`, àṣẹ tó ń fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́, tó lè gba odindi ìṣẹ́jú kan lórí módẹ́ẹ̀mù SIM800. Èmi òmùgọ̀ tún ní kó gbìyànjú lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò wo omi!

Mo fi ìbínú kó o sínú FreeRTOS, ètò tó ń pín iṣẹ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí èyí tó ṣe pàtàkì jù sì lè gba ààyè lọ́wọ́ èyí tó kù. Iṣẹ́ pọ́ńpù gba ipò àkọ́kọ́, ó ń jí wo omi ní ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tẹ́ẹ̀sì wà nísàlẹ̀. Mo yọ eriali kí tẹ́ẹ̀sì má lè lọ, mo ń da omi sí táńkì kékeré. Tááù! Pọ́ńpù kú lójú ẹsẹ̀, tẹ́ẹ̀sì ṣì ń dúró. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Ọjọ́ kẹta, ẹ̀rọ gan pa nígbàkígbà tó bá fẹ́ kọ tẹ́ẹ̀sì. Alẹ́ méjì ni mo fi wá a. Mo ti kọ 128 fún `xTaskCreate` pé kó jẹ́ ìwọ̀n sítáàkì, ìyẹn mẹ́mórì tí iṣẹ́ tẹ́ẹ̀sì máa lò, mo rò pé iye tó tó ni. Wọ́ọ̀dù ló ń kà, 512 báìtì péré nìyẹn, `snprintf` tó ń kọ nọ́ńbà onípọ́ìntì sì jẹ ẹ́ kọjá ààlà, ó wọ mẹ́mórì ẹlòmíràn. Ìgbà tí mo fi `configCHECK_FOR_STACK_OVERFLOW` sí 2 ló tó dárúkọ ọ̀daràn fún mi. Mo sọ ọ́ di 384, ó bọ̀ sípò. Kí ló dé tí wọn ò ṣí àyẹ̀wò yẹn sílẹ̀ láti ilẹ̀?

Mo ráhùn fún bọ̀dá tó kọ́ mi níṣẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ta ní ní kí `sendSms` dúró? Jẹ́ kó ṣe díẹ̀, kó wo aago, kó kúrò níbẹ̀. Bí lúùpù bá tún padà dé, kó máa bá a lọ." Wákàtí kan ni wọ́n fi tún lúùpù àtijọ́ mi ṣe. A yọ eriali. Pọ́ńpù kú lásìkò.

Èyí tí wọ́n tún ṣe ló wà nílé Màmá títí di òní.

FreeRTOS: 5 nínú 5. Lúùpù: 2.