Oṣù márùn-ún pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń wọn eruku: ìrì òwúrọ̀ ń tàn án jẹ

Oṣù kẹsàn-án ni mo gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn eruku inú afẹ́fẹ́ kọ́ sí ẹ̀yìnkùlé wa n'Íbàdàn. Ikọ́ fée àbúrò mi obìnrin ni mo torí ẹ̀ rà á. N ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí gbogbo irú rẹ̀ tí kò wọ́n ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló dẹ́rù bà mí. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni, ìkùukùu bo òrùlé, mo wo fóònù, PM2.5, ìyẹn òǹkà eruku wínníwínní inú afẹ́fẹ́, ti di 88. Mo sáré ti fèrèsé. Ìyàwó mi jáde, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Bàbá Tọ́lá, èéfín wo lẹ ní ó wà níbí? Ìrì lásán nìyí." Nígbà tí oòrùn ràn tán láago mẹ́wàá, ó ti já sí 30.

Mo tú ìdérí ẹ̀rọ náà wò. Fáànù tín-ń-tín kan ló ń fa afẹ́fẹ́ wọ ọ̀nà tóóró, iná lésà sì dábùú ọ̀nà náà. Ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò kọjú sí lésà. Bí afẹ́fẹ́ bá mọ́, òkùnkùn ni ojú yẹn ń rí. Bí eruku bá kọjá, ó máa fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń rí eruku nínú ìtànṣán tó gba ihò fèrèsé wọlé. Ìmọ́lẹ̀ tó tàn yẹn ni ẹ̀rọ fi ń fojú díwọ̀n bí eruku náà ṣe tóbi tó àti bó ṣe wúwo tó. Kò gbé nǹkan kan sórí òṣùwọ̀n rárá.

Ibẹ̀ ni omi ti ń rí i mú. Mo gbé e sún mọ́ ìkòkò omi tó ń hó, kò sí iná igi, kò sí èéfín: òǹkà fò kọjá 400. Mo gbé e kúrò, ó wálẹ̀ kíá. Ẹ̀kán omi náà ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, ẹ̀rọ kò sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí eruku.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀kán ìkùukùu nìkan. Eruku wínníwínní inú èéfín ní oríṣi iyọ̀ nínú, iyọ̀ sì máa ń fa omi. Bí afẹ́fẹ́ bá ti rin ju ìdá 80 nínú 100 lọ, eruku yẹn máa wú bíi gààrí tí wọ́n bomi sí. Eruku gan-an kò pọ̀ sí i, omi ló gbé wọ̀. Ẹ̀rọ ńlá àwọn ìjọba máa ń mú afẹ́fẹ́ gbóná kó lè gbẹ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n; l'Amẹ́ríkà, inú yàrá tí ọ̀rinrin rẹ̀ wà láàárín ìdá 30 sí 40 ni wọ́n ti ń fi asẹ́ tó gba eruku sórí òṣùwọ̀n. Tèmi kò ní ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ gbóná.

Ìṣirò tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń lò láti yọ omi kúrò nìyí. PM ni òǹkà ẹ̀rọ, C ni ìlọ́po tí omi fi fẹ òǹkà náà. RH ni ọ̀rinrin, 1 ló dúró fún ìdá 100. k ni bí eruku ṣe ń fa omi tó, 0.3 ni wọ́n sì sábà máa ń lò fún ilẹ̀ tó jìnnà sí òkun.

```
C = 1 + (k / 1.65) * RH / (1 - RH)
PM_gbígbẹ = PM / C
```

Ẹ jẹ́ ká fi 88 ọjọ́ yẹn ṣe é. Òṣùwọ̀n ọ̀rinrin tí mo fi kọ́ síta ka 0.90, nítorí náà C di 2.64, 88 sì di 33. Àmọ́ òǹkà ọ̀rinrin inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ka 0.78, nítorí pé ooru tó ń jáde lára rẹ̀ ń mú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbẹ. Bí mo bá fi èyí ṣe é, 54 ló máa jẹ́. Èwo ni ká gbà? Eruku kì í pẹ́ níbẹ̀ débi tó fi máa gbẹ tán, nítorí náà, àárín méjèèjì ni mo fi òótọ́ sí. Ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n géérégé ń parọ́.

Ẹ má sì rò pé gbogbo tòwúrọ̀ ni irọ́. Èéfín àdògán àti ti jẹnẹrétọ̀ máa ń lúgọ sílẹ̀ lóru tí afẹ́fẹ́ kò bá fẹ́. Bí mo ṣe ń dá a mọ̀: bí òǹkà bá ń gòkè tí RH náà ń gòkè díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, mo fura sí omi. Bó bá fò lójijì tí RH kò mì, aládùúgbò ti tan jẹnẹrétọ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó yí padà. Ọ̀rinrin já sí 0.20, C kò ju 1.05 lọ, omi kò dà á láàmú mọ́. Síbẹ̀ ètè wa ń bẹ́, eruku bo mọ́tò débi tí Tọ́lá fi kọ orúkọ rẹ̀ sára gíláàsì, ẹ̀rọ sì ń ka 60. Eruku ọyẹ́ tóbi; bó ti wúwo tó, ìmọ́lẹ̀ tó ń fọ́n ká kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, fáànù kékeré yẹn kò sì lè fa púpọ̀ nínú rẹ̀ wọlé. Lójú tèmi, àbá lásán ni ìlà PM10, ìyẹn òǹkà tó ka eruku tó tóbi mọ́ ọn, tó ń gbé jáde.

Mo ṣì ń lò ó fún èéfín. Ní òwúrọ̀ tí RH ìta bá ti kọjá 0.85, mi ò kí ń pe àbúrò mi mọ́ pé kó má jáde, àfi bí òórùn èéfín bá wà níbẹ̀. Tí ẹ bá máa rà á, ẹ ra òṣùwọ̀n ọ̀rinrin mọ́ ọn, kí ẹ gbé e kọ́ jìnnà díẹ̀ sí ara ẹ̀rọ náà.