Ẹja sísun, ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀: èwo ni kí ẹ rà ní Ìlọrin bí ẹ bá ń ṣọ́ ara yín?

Ọ̀rẹ́ mi kan tó fẹ́ kí ikùn òun wọlé pa ẹ̀wà tì fún odindi oṣù méjì. Ó ní ẹ̀wà ló ń mú òun sanra. Ní búkà tí a jọ ń jẹun ní Tankẹ, ìrẹsì àti dòdò ló wá ń rà, ikùn náà kò sì kúrò níbi tó wà. Lọ́jọ́ kan mo ní kí Ìyá Alẹ́wà di oúnjẹ wa sínú ọ̀rá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo gbé e délé, mo fi sórí òṣùwọ̀n kékeré tí ìyàwó mi fi ń wọn ìyẹ̀fun kéèkì. Ẹ̀wà kọ́ ló jẹ̀bi.

Ẹ̀wà

Ìgbáko méjì Ìyá Alẹ́wà jẹ́ nǹkan bí 300 gíráàmù. Ẹ̀wà tí a sè lásán máa ń ní bíi 115 kálórì àti gíráàmù 8 pùròtéènì nínú 100 gíráàmù. Àwo náà jẹ́ bíi 345 kálórì nígbà náà, pẹ̀lú gíráàmù 24 pùròtéènì. Kò pọ̀ rárá fún oúnjẹ tí ẹ máa jẹ lọ́sàn-án tí ebi kò ní pa yín títí di alẹ́.

Epo ló ń yí i padà. Ṣíbí ìjẹun kan epo pupa jẹ́ 120 kálórì, òróró náà kò sì dín sí i. Ṣíbí méjì péré ti ju ìgbáko ẹ̀wà kan lọ, kò sì ní pùròtéènì kankan nínú.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi alẹ́wà nìyí: ṣé ẹ̀wà rírò ni, èyí tí wọ́n ti da epo sí nínú ìkòkò, àbí ẹ̀wà funfun tí wọ́n ń bu ata agányìn lé? Bó bá jẹ́ rírò, ohun tó wọlé ti wọlé, kò sí bí ẹ ṣe máa yọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí epo rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ létí àwo kó tutù. Epo pupa á dì, á sì yí àwo po bí òrùka. Nígbà ọyẹ́, kì í pẹ́ rárá. Bó bá jẹ́ funfun, ọwọ́ yín ni agbára wà, nítorí epo ata agányìn máa ń léfòó.

Báyìí ni mo ṣe sọ ọ́: "Ìyá, ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìgbáko tẹ ata yẹn mọ́ ara ìkòkò kí epo rẹ̀ ṣẹ́."

Wọ́n wò mí. "Ọmọ mi, ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Ara mi le, Ìyá. Mo kàn ń ṣọ́ ọ ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ṣe é. Láti ọjọ́ náà, n kì í bẹ̀bẹ̀ mọ́.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan náà ni dòdò àti bọ̀ọ̀lì, àmọ́ iná àti òróró kì í ṣe ọ̀kan náà. Bọ̀ọ̀lì tó mọ níwọ̀n, tó tó 150 gíráàmù, jẹ́ nǹkan bí 200 kálórì. Dòdò 120 gíráàmù, ìyẹn bíi ègé mẹ́wàá, ti tó 285. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ṣe pọ́n tó, tí òróró kò sì gbóná dáadáa kí wọ́n tó dà á sí i, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń mu ún. Ègé tó bá rọ̀, tó ń tàn, tó sì ń fi òróró sí yín níka, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ má rò pé ẹ ti bọ́ tán nítorí pé bọ̀ọ̀lì lẹ rà. Ẹ̀pà sísun tí wọ́n dì sínú ọ̀rá kékeré, tó tó 50 gíráàmù, jẹ́ 285 kálórì. Ó ju bọ̀ọ̀lì fúnra rẹ̀ lọ! Ó ní pùròtéènì bíi gíráàmù 13, n kò ní kí ẹ má jẹ ẹ́. Àmọ́ ẹ má pè é ní ìpanu.

Ẹja sísun

Ibí ni owó máa ń lọ, ẹ jẹ́ kí n farabalẹ̀. Ẹja àrọ̀ tí wọ́n pè ní kílò kan kì í fún yín ní kílò ẹran. Orí rẹ̀ tóbi, wọ́n á yọ ìfun, egungun wà, iná á sì fa omi rẹ̀ gbẹ. Mo yọ ẹran ara ọ̀kan lẹ́yìn tí wọ́n sun ún ní Gàá Àkànbí, kò tó 450 gíráàmù. Bí ẹni méjì bá pín in, 200 gíráàmù ni kí ẹ máa fojú sí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ bíi 290 kálórì àti gíráàmù 36 pùròtéènì.

Ẹpìyà dára jù ú fún ẹni tó fẹ́ dín ara kù. 100 gíráàmù ẹran rẹ̀ ní bíi 128 kálórì àti gíráàmù 26 pùròtéènì, nígbà tí ti àrọ̀ jẹ́ 145 àti 18. Egungun rẹ̀ nìkan ló ń dá mi lágara.

Nígbà tí ẹja bá wà lórí iná, wọ́n á máa fi búrọ́ọ̀ṣì kun ún ní òróró, àwọn mìíràn á da bọ́tà mọ́ ọn. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fo kíkùn ìkẹyìn. Bó bá wà nínú fọ́ìlì, òróró á dúró sí ìsàlẹ̀: ẹ gbé ẹja kúrò, kí ẹ má sì fi dòdò nù ún. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò gbọdọ̀ mu omi ata náà, màgí ibẹ̀ kò kéré.

Nígbà tí èrò bá pọ̀ lálẹ́, wọ́n máa ń fẹ́ iná líle sí i: ẹ̀yìn á dúdú, inú á wà ní tútù. Ẹ fi fọ́ọ̀kì ya ẹran níbi egungun ẹ̀yìn. Bó bá jinná, á funfun jálẹ̀, á sì fi egungun sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Bó bá ń dán, tó rọ̀ mọ́ egungun, tí ìlà ẹ̀jẹ̀ sì wà níbẹ̀, ẹ dá a padà sórí iná. Àrọ̀ tó ṣì wà láàyè ni kí ẹ yàn, torí ata lè bo òórùn ẹja tó ti ń bàjẹ́.

Tí a bá tò wọ́n síra

| Àwo | Kálórì | Pùròtéènì |
|---|---|---|
| Ẹ̀wà rírò ìgbáko 2 (epo ṣíbí 2) àti dòdò ègé 10 | 870 | 25 |
| Ẹ̀wà funfun ìgbáko 2, ata tí epo rẹ̀ ti ṣẹ́ (ó kù bíi ṣíbí 1), ẹyin sísè 1 | 540 | 30 |
| Ìdajì àrọ̀ sísun (òróró ṣíbí 1) àti bọ̀ọ̀lì 1 | 610 | 38 |

Iye ìdíyelé ni wọ́n, ìgbáko alẹ́wà kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Àmọ́ àlàfo 330 tó wà láàárín ẹ̀wà méjèèjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbáko.

Bí ẹ bá ń dín ara kù, ẹ ra àwo ìlà kejì lọ́jọ́ iṣẹ́ gbogbo, nítorí ẹja wọ́n ju ẹ̀wà lọ dáadáa. Bí ẹ bá ń gbé irin, tí ẹ sì fẹ́ kí iṣan kún, ẹ ra ẹja ní òpin ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fi ẹyin kejì sí ẹ̀wà ní àárín ọ̀sẹ̀. Ní Ìlọrin, a tún ní wàrà, èyí tí wọn kò tíì dín, tó ṣì wà nínú omi rẹ̀. Ó dára ju wàrà díndín lọ ní ìlọ́po, ìdí kan náà sì ni: òróró.

Nǹkan kan kù tó jẹ mọ́ àkókò. Tí ẹ bá máa wọ jíìmù ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ ti jẹ ẹ̀wà yín tán kí aago méjì tó lù. Mo jẹ tèmi ní aago mẹ́rin lọ́jọ́ kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti gbé irin. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ló lè sọ ìyókù fún yín.