Mo háyà jípíyù mẹ́ta fún iṣẹ́ kan náà: T4, L4 àti A100

Wákàtí 59 ni A100 tí mo háyà, káàdì jípíyù tí wọ́n fi ń kọ́ mọ́dẹ̀lì, fi jókòó láìṣe ohunkóhun, tí owó sì ń lọ. Dọ́là 2 ni wọ́n ń gbà ní wákàtí kan. Ní 1,500 náírà sí dọ́là kan tí mo fi rà á nígbà yẹn, 177,000 náírà ló wọgbó. Iṣẹ́ tí mo tìtorí ẹ̀ háyà ẹ̀rọ náà gan-an kò jẹ ju dọ́là 10 lọ. Láti ìgbà yẹn mo ti fi iṣẹ́ kan náà dán T4 àti L4 wò, mo sì tún padà sórí A100 lẹ́ẹ̀kan sí i. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ni ẹ̀rọ. Káàdì ni mo ń yẹ̀ wò, àti ibi tí owó ti ń jò.

Àwa mẹ́ta la jọ gba yàrá kan ní Sábó, Yaba. Mọ́dẹ̀lì tó ń sọ ohùn Yorùbá di ọ̀rọ̀ kíkọ la ń kọ́, torí àwọn oníṣòwò Tejúoṣó tó jẹ́ pé ohùn ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ ọjà síra wọn lórí Wásáàpù. A kò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀ o. Whisper small, mọ́dẹ̀lì tó ti mọ bí a ṣe ń sọ ohùn di ọ̀rọ̀ kíkọ tẹ́lẹ̀, la mú, tí nọ́ńbà inú ẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 244, a wá ń fi ohùn tiwa kọ́ ọ lé e lórí. Ègé ohùn 6,400 la ní, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ bíi wákàtí 23, fóònù la fi gbà á sílẹ̀ ní mp3. Ègé 16 ni mọ́dẹ̀lì ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ìgbésẹ̀ 400 kí ó tó yí gbogbo ohùn náà po. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá la fẹ́ kó yí i po, ó di ìgbésẹ̀ 4,000.

Nígbà tí mo fẹ́ yan káàdì, èyí tó yára jù ni mo ń wá. Ìyẹn kọ́ ló yẹ kí n kọ́kọ́ wò. Ohun àkọ́kọ́ ni bóyá iṣẹ́ náà á gba inú mẹ́mórì káàdì, ìṣírò rẹ̀ kò sì le. Tí ẹ bá ń kọ́ gbogbo mọ́dẹ̀lì pẹ̀lú Adam, ètò tó ń tún nọ́ńbà inú mọ́dẹ̀lì ṣe, ní fp16, ìyẹn nọ́ńbà oníbáìtì 2, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan inú mọ́dẹ̀lì á gba báìtì 16. Báìtì 2 ni ti nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀, 2 ni ti àtúnṣe tí wọ́n ṣírò fún un, 4 ni ti ẹ̀dà tó péye tí wọ́n ń tọ́jú sẹ́gbẹ̀ẹ́, 8 tó kù ni Adam fi ń rántí ibi tó ti ń bọ̀. Mílíọ̀nù 244 lọ́nà 16 jẹ́ gígábáìtì 3.9. T4 ní 16, ààyè ṣì pọ̀ fún ohùn tí yóò gba ibẹ̀ kọjá. Whisper medium, tó jẹ́ mílíọ̀nù 769, á gba 12.3 kí ohùn kankan tó wọlé: T4 á há mọ́ ọn, L4 tó ní 24 á gbà á. Whisper large, mílíọ̀nù 1,550, á gba 24.8. L4 kò lè gbé ìyẹn báyìí, àfi kí èèyàn wá ọgbọ́n mìíràn dá tàbí kó lọ sórí A100.

Fún small, T4 tó. Ègé 16 lẹ́ẹ̀kan wọlé sínú rẹ̀ wẹ́rẹ́, tí mo bá ṣáà ti tan gradient_checkpointing, èyí tó ń dín mẹ́mórì kù tó sì ń fi àkókò díẹ̀ san án padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kánjú ni mí ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, A100 ni mo háyà. Mo rò pé á yára ju T4 lọ ní ìlọ́po márùn-ún.

Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo tẹ iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tí a jọ wà ní yàrá wá dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń wo ibi tí mo ti ní kí nvidia-smi máa ka iṣẹ́ káàdì ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan:

```
nvidia-smi --query-gpu=utilization.gpu,memory.used --format=csv -l 1
```

95, lẹ́yìn náà 0, 0, 0, lẹ́yìn náà 91, 0, 0.

"Kí ló dé tí eléyìí ń já sí òdo?"

"Ẹ̀gbọ́n, ó ń ṣiṣẹ́ o. Ẹ wo mẹ́mórì, ó ti kún."

"Ta ló béèrè mẹ́mórì? Dánfó tí èrò kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ojúẹlẹ́gba, ṣé ó ń lọ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wákàtí márùn-ún ló gbà. Lẹ́yìn náà ni mo wá jókòó wọn ìgbésẹ̀ kan: ìṣẹ́jú àáyá 4.5. Nínú rẹ̀, 1.3 péré ni káàdì fi ń ṣiṣẹ́. 3.2 tó kù, ó ń retí ohùn ni. Nínú gbogbo ìgbésẹ̀ ni ètò mi ń tú mp3, tó ń sọ ọ́ kalẹ̀ sí 16 kHz tí Whisper fẹ́, tó ń yí i padà sí àwòrán ohùn, síípíyù ló sì ń ṣe gbogbo ìyẹn, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, torí mo fi dataloader_num_workers sílẹ̀ sí 0. Ègé kan ń gba bíi 0.2. Ẹ sọ ọ́ di 16, ẹ ti rí 3.2 yẹn. Èyí tó bí mi nínú jù ni pé ohùn kan náà ló ń tú ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Nínú dọ́là 10 tí mo san, dọ́là 7 ni owó ìdúró.

Ẹni tó ń lo T4 kì í tètè rí àlébù yìí. Ìgbésẹ̀ kan lórí T4 ń gba 7.2 kí a tó fi ìdúró kún un, nítorí náà 3.2 yẹn kì í hàn gbangba. Bí káàdì bá ṣe yára tó, bẹ́ẹ̀ ni ìdúró rẹ̀ ṣe ń wọ́n tó.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo yọ iṣẹ́ síípíyù kúrò lára káàdì. Mo háyà ẹ̀rọ kékeré tí kò ní káàdì rárá, mo so dísìkì kan mọ́ ọn, mo fi mp3 ránṣẹ́ sórí rẹ̀, mo sì ní kó tú gbogbo ègé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò ju ìṣẹ́jú 21 lọ. Àwòrán ohùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ 80 lọ́nà 3,000, báìtì 4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò tó mẹ́gábáìtì kan; gbogbo 6,400 jẹ́ bíi gígábáìtì 6. Mo lè ṣe é lórí kọ̀ǹpútà mi náà ní Sábó, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi dátà tiwa yìí gbé gígábáìtì 6 lọ sókè òkun? mp3 náà kò tó gígábáìtì kan. Òun ni kó rìnrìn àjò. Lẹ́yìn náà mo já dísìkì yẹn kúrò lára ẹ̀rọ kékeré, mo so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ní káàdì.

Bí wọ́n ṣe ṣe lẹ́yìn ìyẹn nìyí. A100 parí ìgbésẹ̀ 4,000 ní nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀, dọ́là 3 ó dín díẹ̀. L4, tí mo ń san sẹ́ńtì 80 fún ní wákàtí, gba wákàtí mẹ́rin, dọ́là 3.20. T4, ní sẹ́ńtì 50, gba wákàtí mẹ́jọ, dọ́là 4. Ìyàtọ̀ owó wọn kò tó rà bọ́lì méjì. L4 ni mo wá dúró tì, ìdí rẹ̀ sì ni pé iṣẹ́ kì í ṣe wákàtí kan àbọ̀ yẹn nìkan. Àṣìṣe wà tí èèyàn á máa tún ṣe, ọ̀nà fáìlì tí a kọ lódì, orúkọ tí kò bá ara mu. Gbogbo wákàtí tí mo fi ń tún nǹkan wọ̀nyẹn ṣe lórí A100, dọ́là 2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní báyìí, ìgbésẹ̀ 20 ni mo kọ́kọ́ ń sáré lórí T4 kí n rí i pé ó ń lọ, tó ń tọ́jú iṣẹ́, tó sì lè padà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé, kí n tó lọ háyà èyí tó tóbi.

Ó ku ọ̀rọ̀ wákàtí 59 yẹn. Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, iṣẹ́ parí láago mẹ́sàn-án alẹ́, ṣùgbọ́n Nẹ́pà ti mú iná láti aago mẹ́jọ, ínfátà sì ti kú. Kọ̀ǹpútà mi kú, módẹ́ẹ̀mù kú, ọkàn mi ní ohun gbogbo ti kú. Ẹ̀rọ tó wà lókè òkun kò mọ Nẹ́pà. Tmux ni mo fi sáré iṣẹ́ náà, ìdí nìyẹn tó fi parí láìka pé a já kúrò lórí ìlà. Lẹ́yìn tó parí ó jókòó síbẹ̀ títí di aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bí ẹni háyà bọ́ọ̀sì lọ òde ìgbéyàwó, tí onílé tàlejò ti lọ sùn, tí dẹrẹ́bà ṣì jókòó síta tó ń ka owó wákàtí. Ìkìlọ̀ owó tí mo ti tò sílẹ̀ wọ ímeèlì mi lọ́jọ́ Sátidé lóòótọ́. Ìkìlọ̀ ni, kì í pa ẹ̀rọ, mi ò sì ṣí ímeèlì.

Báyìí ni mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nísinsìnyí, nínú tmux:

```
timeout 6h python train.py > log.txt 2>&1; sudo shutdown -h now
```

Àmì `;` yẹn ṣe pàtàkì. `&&` ni mo kọ́kọ́ lò, ìyẹn sì túmọ̀ sí pé ó dìgbà tí iṣẹ́ bá yọrí sí rere kí ẹ̀rọ tó kú. Lọ́jọ́ kan iṣẹ́ kọsẹ̀ ní ìgbésẹ̀ 300, ẹ̀rọ kò kú, mo tún san wákàtí mẹ́fà. Pẹ̀lú `;`, ó yọrí tàbí kò yọrí, á kú. `timeout 6h` wà fún èyí tí kò kọsẹ̀ tí kò sì lọ, tó kàn há. Ẹ rí i dájú pé dísìkì tí kì í pa rẹ́ ni train.py ń kọ iṣẹ́ sí o.

Ẹ má sì rò pé kí ẹ̀rọ kú láti inú ni ìparí owó níbi gbogbo. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo háyà lọ́wọ́ wọn ń ka owó lọ bí ẹ̀rọ tilẹ̀ ti kú, torí àyè rẹ̀ ṣì wà nípamọ́ fún mi. Àfi kí n pa á láti orí pátákó ìṣàkóso tiwọn, tàbí kí n pa á rẹ́ pátápátá. Mo dán ti ẹ̀rọ tuntun kọ̀ọ̀kan wò kí n tó gbé iṣẹ́ lé e: mo tan án, mo pa á láti inú, mo dúró wákàtí kan, mo wá wo bóyá owó gbéra.

Ibi tí kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn ni dísìkì. Ẹ̀rọ kú, káàdì dúró, dísìkì ń jẹun lójoojúmọ́. Gígábáìtì 100 ni mo yàn níbẹ̀rẹ̀, láìronú, dọ́là 8 lóṣù, bẹ́ẹ̀ gígábáìtì 6 ohùn àti mọ́dẹ̀lì díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n lè mú un tóbi sí i nígbàkúùgbà, ṣùgbọ́n wọn kì í dín in kù. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo ṣe tuntun ti gígábáìtì 30, mo kó ẹrù láti inú ti àtijọ́ sínú rẹ̀, mo sì pa ti àtijọ́ rẹ́.