Oṣù mẹ́ta pẹ̀lú áàpù ìtumọ̀ mi: ara ìgò, ara agolo àti òǹtẹ̀ roboto sí èdè Lárúbáwá

Ní ilé-kéwú tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, a ní olùkọ́ kan tó ti Íjíbítì wá, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ni wọ́n máa ń ké sí tí wọ́n bá ra oògùn tàbí mílíìkì ọmọ, nítorí náà ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí mo ti ń lo áàpù kan tó ń fi kámẹ́rà fóònù ka Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ń tú u sí Lárúbáwá. Bí ohun tí a fẹ́ kà bá tẹ́ pẹrẹsẹ bíi páálí oògùn, n kò ní ẹ̀sùn kankan sí áàpù náà. Ibi tó bá ti yí ni ìṣòro wà.

Etí ń dun ọmọ wọn, wọ́n sì fún un ní oògùn oníyẹ̀fun tí a máa ń fi omi pò, irú èyí tó jẹ́ pé inú fíríìjì ni yóò wà lẹ́yìn tí a bá ti pò ó, tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kó dì, tí a ó sì da èyí tó bá ṣẹ́kù nù lẹ́yìn ọjọ́ 7. Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ni DO NOT FREEZE. Nígbà tí mo na kámẹ́rà sí i, DO NOT ti yí lọ sí ẹ̀gbẹ́, FREEZE nìkan ló kọjú sí mi. Áàpù náà kọ جمّد, èyí tó túmọ̀ sí “jẹ́ kó dì”, dípò لا تجمّد. Ìyá ọmọ ti dìde láti gbé e sínú fírísà.

Mo ní, “Ìyá Àmínà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n yí ìgò yìí wò.”

Ohun tó bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé Lárúbáwá tí áàpù náà kọ gún régé. Kò sí àlàfo, kò sí àmì ìbéèrè, kò sí ohunkóhun tó lè mú ẹni tó ń kà á fura pé ọ̀rọ̀ méjì ti sọnù.

Ìdí rẹ̀ kò le. Lẹ́tà tó wà ní ọ̀kánkán kámẹ́rà ń fẹ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n bó ti ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ ló ń fún, tó fi jẹ́ pé níbi tí ìgò bá ti yí dé dígírì 60, lẹ́tà kò fẹ̀ ju ìdajì lọ mọ́. Lẹ́tà O ń dà bí I níbẹ̀, r àti n sì ń lẹ̀ mọ́ra di m. Nítorí náà, ìdá kan nínú mẹ́ta ara ìgò ni mo lè fọkàn tán nínú àwòrán kan. Mo máa ń ya àwòrán mẹ́rin, mo ń yí ìgò díẹ̀díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó wà létí àwòrán kan lè tún hàn láàárín èyí tó tẹ̀ lé e. Mo ń gbé fóònù sí ọ̀gbọọgba pẹ̀lú ìwé ara ìgò, nítorí pé tí mo bá yà á láti òkè, ìlà ọ̀rọ̀ á tẹ̀ bí ọrun, áàpù náà á sì gé e sí méjì. Lẹ́yìn náà, mo ń ṣí Gẹ̀ẹ́sì tí ó kà, mo sì ń fi wé ara ìgò fúnra rẹ̀ kí n tó wo Lárúbáwá rárá.

Ti agolo kò yàtọ̀ púpọ̀, àfi pé ó máa ń dán, ìmọ́lẹ̀ iná sì lè pa odindi ọ̀rọ̀ rẹ́. Ojú fèrèsé ni mo ti ń yà á.

Òǹtẹ̀ roboto ló burú jù. Nígbà tí mo tú lẹ́tà ilé ìwòsàn fún wọn, áàpù náà ka déètì tó wà láàárín òǹtẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó fọ́ orúkọ tó yí i ká sí wẹ́wẹ́. Yíǹkì kò mú ní apá kan, ó wá ka HOSPITAL sí SPITAL, ó sì kọ سبيتال. Ẹni tó gbọ́ Lárúbáwá á mọ̀ pé ìró Gẹ̀ẹ́sì lásán nìyẹn, nítorí مستشفى ni à ń pe ilé ìwòsàn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tí kò jọ Lárúbáwá, ni mo fi ń mọ ibi tí lẹ́tà ti já. Mo wá yí ìwé náà ní ìdá mẹ́rin, kí apá kọ̀ọ̀kan lè bọ́ sókè kí n tó yà á, mo sì rí orúkọ náà gbà, àyàfi ọ̀rọ̀ kan tí yíǹkì kò kàn rárá. Níbẹ̀, mo kọ غير مقروء, ìyẹn ni pé kò ṣeé kà, dípò kí n fi àbá dí i.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. N kò ní yọ ọ́ kúrò lórí fóònù mi, ṣùgbọ́n títí wọn yóò fi jẹ́ kó máa sàmì sí ibi tí ìlà ti gé, n kò ní kọ́ Ìyá Àmínà láti dá lò ó fún oògùn.