Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ìpolówó, ètò sólà mẹ́ta péré: àgbéyẹ̀wò mi lórí Brand Lift àti ìwádìí orúkọ lórí Google

Èmi ni mo ń bójú tó ìpolówó fún ilé iṣẹ́ kan tó ń ta sólà àti ìnfátà ní Wuse, l'Ábújá. Láti àárín oṣù Kẹsàn-án 2024, a fi fídíò kan sórí YouTube fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ará Ábújá nìkan la sì fi hàn. Nígbà tó parí, oníbàárà mẹ́ta péré ló sọ pé fídíò náà ló gbé àwọn wá. Ọ̀gá wa ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé owó wa ti bómi lọ nìyẹn?" Mo ní rárá, sà. Ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ bá sú ènìyàn ló ń ra sólà, kì í ṣe ọjọ́ tó rí ìpolówó. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni bóyá orúkọ wa ti wọ etí wọn.

Brand Lift, ìwádìí tí Google ń ṣe láti mọ ohun tí ìpolówó YouTube yí padà lọ́kàn àwọn tó wò ó, la kọ́kọ́ lò. Google kì í gba owó lọ́tọ̀ fún un, àmọ́ owó tí ẹ ń ná sórí ìpolówó gbọ́dọ̀ tó iye kan kí wọ́n tó gbà yín láàyè. Wọ́n máa ń pín àwọn tí ìpolówó yẹ kó kàn sí ọ̀nà méjì láìṣa ẹnikẹ́ni yàn. Wọ́n á fi fídíò han apá kan, wọ́n á fi pamọ́ fún apá kejì, lẹ́yìn náà wọ́n á bi apá méjèèjì ní ìbéèrè kan náà: èwo nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí lẹ ti gbọ́ rí?

Nínú irinwó tí kò rí fídíò, 48 yan orúkọ wa, ìyẹn 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú irinwó tó rí i, 72 ló yàn án, ìyẹn 18. Inú ọ̀gá dùn sí 12 yẹn, ó rò pé gbogbo wọn ló mọ̀ wá. Mo ní kó má tíì jó. Ọ̀rọ̀ Hausa fún ìmọ́lẹ̀ ni orúkọ wa, ọ̀pọ̀ ń yàn án torí pé ó dùn létí wọn. Àmọ́ ìméfò bẹ́ẹ̀ wà lápá méjèèjì bákan náà, nítorí náà mẹ́fà tó wà láàárín wọn nìkan ni tiwa. Mẹ́fà náà gan-an kò dúró sójú kan: pẹ̀lú irinwó ìdáhùn lápá kọ̀ọ̀kan, òótọ́ rẹ̀ lè wà láàárín nǹkan bí ẹyọ kan sí mọ́kànlá. Ká ní ọgọ́rùn-ún ìdáhùn péré la rí lápá kọ̀ọ̀kan ni, 12 àti 18 kan náà kò ní fi nǹkan kan hàn, torí oríire lásán lè mú irú ìyàtọ̀ yẹn wá. Ẹni tó bá fún yín ní ìyàtọ̀ láìsọ iye ìdáhùn, ẹ béèrè.

Ẹ tan ìwádìí náà kí fídíò tó jáde o. Lọ́dún tó ṣáájú, àwọn tó ń bá wa ṣe ìpolówó tàn án lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n wá fi fídíò pamọ́ fún ti rí i tẹ́lẹ̀, ìyàtọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Ohun tí Brand Lift kò lè wọ̀n ni rédíò. A ń polówó lórí rédíò lákòókò kan náà, apá méjèèjì ló sì ń gbọ́ ọ, nítorí náà ìyàtọ̀ wọn kò lè sọ ohun tí rédíò ṣe. Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn tẹ orúkọ wa sínú Google.

Google Trends já mi kulẹ̀. Kì í ka iye ènìyàn, ṣe ló ń fi ọ̀sẹ̀ wé ọ̀sẹ̀ láti 0 dé 100. Tí mo bá tẹ orúkọ wa nìkan, gbogbo ẹni tó ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Hausa náà ló ń wọlé. Tí mo bá fi "solar" kún un, àwọn tó ń wá a kéré débi pé 0 ló ń gbé jáde. Search Console ni mo padà sí, irinṣẹ́ Google tó ń ka iye ìgbà tí ìkànnì wa jáde fún ọ̀rọ̀ tí ènìyàn tẹ̀. Níbẹ̀, orúkọ wa pẹ̀lú "solar" kúrò ní nǹkan bí 140 lọ́sẹ̀ sí 210 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, nígbà tí "solar inverter" lásán dúró síbi tó wà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àárín oṣù Kẹwàá dé pẹ̀lú wàhálà tirẹ̀. Gríìdì wó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nígbà tó sì di ìparí oṣù, ìlà iná Shiroro sí Kaduna bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ìlú Òkè-Ọya sì wà nínú òkùnkùn ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Orúkọ wa fò sókè, ọ̀gá ti ń pàtẹ́wọ́. Mo fi "solar inverter" hàn án: òun náà ti di ìlọ́po méjì. Nẹ́pà ló polówó wa lọ́sẹ̀ yẹn. Mo yọ ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn kúrò nínú ìṣirò.

Mo fún Brand Lift ní máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún, Search Console mẹ́ta, Trends ẹyọ kan fún ilé iṣẹ́ tó kéré bíi tiwa. Nígbà tí a bá tún ṣe é, fídíò máa kọ́kọ́ jáde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí rédíò tó bẹ̀rẹ̀, kí n lè rí ìgbà tí ìlà orúkọ wa tún gòkè lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀gá ti gbà, ó kù kí Nẹ́pà náà gbà.